Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Ìwé Ìrántí Yín Wà?

Ẹni tó bá wọ Play Store lónìí, tó sì tẹ diary síbẹ̀, yóò rí áàpù rẹpẹtẹ tí àwòrán àgádágodo wà lára wọn. Wọ́n á ní ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ó máa rí i. Wọ́n á tún ní bí fóònù bá sọnù, kò séwu, ẹ̀dà rẹ̀ wà níbì kan. Ìlérí méjèèjì dára. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún ènìyàn ni pé àwọn ìlérí náà ń bá ara wọn fà á. Bí títì bá ṣe le tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rọrùn tó kí ẹni tó ni ìwé fúnra rẹ̀ há síta. Bí ẹ̀dà bá sì ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ojú tó lè tó o ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ lo irú áàpù bẹ́ẹ̀ ní láti mọ ibi tí ọ̀kan parí sí àti ibi tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo àgádágodo náà ná. Nínú ọ̀pọ̀ áàpù ọ̀fẹ́, ẹnu ọ̀nà nìkan ni píìnì oní nọ́ńbà mẹ́rin ń ṣọ́. Bí ẹ ṣe kọ ọ̀rọ̀ yín gan-an ló ṣe wà nínú fáìlì kan lórí fóònù. Lóòótọ́, Áńdírọ́ìdì kì í jẹ́ kí áàpù kan tojú bọ àpò áàpù mìíràn, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè rí fáìlì náà. Ṣùgbọ́n bí irú áàpù bẹ́ẹ̀ bá ń fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà lọ ní gbangba bó ṣe wà. Ẹni tó bá rí ibẹ̀ ṣí yóò kà á láìtẹ píìnì kankan.

Ìka tí à ń tẹ̀ láti fi ṣí i ní ewu tirẹ̀. Áàpù kò mọ ìka ta ni. Fóònù ló ń bi, fóònù yóò sì dáhùn pé ìka tí òun mọ̀ ni. Bí ẹ bá ti jẹ́ kí ọkọ, ìyàwó tàbí àbúrò yín fi ìka rẹ̀ sórí fóònù nígbà kan, bóyá kí ó lè máa bá yín gbé ìpè nígbà tí ẹ bá ń wakọ̀, ìka yẹn kan náà lè ṣí ìwé ìrántí yín. Mo ka èyí sí ihò tó tóbi jù lọ, nítorí pé ará ilé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ ti ìwé ìrántí, kì í ṣe àlejò. Ẹ wọ Settings, ẹ lọ síbi tí wọ́n to ìtẹ̀ka sí, kí ẹ ka iye tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí èyí tí kì í ṣe tiyín, ẹ yọ ọ́ kúrò, tàbí kí ẹ fi píìnì tó yàtọ̀ sí ti fóònù ti ìwé ìrántí náà, láìlo ìka rárá.

Ibòmíràn wà tí ọ̀rọ̀ máa ń gbà jò. Ẹ ṣí ìwé ìrántí yín, ẹ kọ gbólóhùn kan, kí ẹ wá tẹ ibi tó máa ń to gbogbo áàpù tí ẹ ti ṣí jáde ní kéékèèké. Áàpù tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe yóò fi ojú òfìfo hàn níbẹ̀. Èyí tí wọn kò fara balẹ̀ ṣe yóò gbé gbólóhùn yín síta ketekete, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ píìnì. Bákan náà ni fọ́tò: ẹ wò ó bóyá èyí tí ẹ yà láti inú áàpù náà kò tún wà láàárín àwọn fọ́tò yòókù lórí fóònù.

Títì kan jinlẹ̀ ju gbogbo èyí lọ. Òun ni kí áàpù yí ọ̀rọ̀ yín sí kóòdù lórí fóònù yín kí ó tó kúrò níbẹ̀ rárá. Bí àrokò ló rí: ẹni tó ń gbé e lọ kò mọ ohun tó wí, ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀dà yín á kàn máa ru ẹrù tí kò lè tú. Day One, áàpù ìwé ìrántí tó jáde ní 2011, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 2017. Journal tí Apple gbé sórí iPhone ní oṣù Kejìlá 2023 náà ń ṣe é fún ẹ̀dà tó bá wà lórí iCloud.

Báwo ni ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá áàpù tiyín ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ wá abala ìrànlọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wo ohun tí wọ́n kọ fún ẹni tó gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù. Bí wọ́n bá ní àwọn yóò fi líǹkì sí íméèlì yín, tí ẹ ó yan páásíwọ́ọ̀dù mìíràn, tí gbogbo ọ̀rọ̀ yín yóò sì jáde padà láìbéèrè ohun mìíràn, a jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ àwọn náà. Bí wọ́n bá ní ẹni tó bá sọ kọ́kọ́rọ́ nù, àwọn kò lè ràn án lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà le létí o, ṣùgbọ́n àmì pé àwọn kò lè ka ìwé yín nìyẹn.

Ó wá kan ẹ̀dà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Gúgù ń tọ́jú gbogbo ohun tó wà lórí fóònù Áńdírọ́ìdì. Ó ń tọ́jú púpọ̀, ṣùgbọ́n ààlà wà fún un: fún áàpù kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà tí Áńdírọ́ìdì ń ṣe fúnra rẹ̀ kò lè ju 25MB lọ. Ọ̀rọ̀ lásán kò lè tètè tó bẹ́ẹ̀, kódà bí ẹ bá fi ọdún mẹ́wàá kọ ọ́. Fọ́tò ló ń ba nǹkan jẹ́, nítorí fọ́tò mẹ́wàá péré tí fóònù òde òní yà lè kọjá ibẹ̀. Bí ó bá ti kọjá, áàpù náà kò ní rí ẹ̀dà tuntun mú mọ́, ó sì lè má sí ohun tí yóò ta yín lólobó. Àwọn áàpù kan tilẹ̀ wà tí àwọn tó ṣe wọ́n ti ní kí Gúgù má fọwọ́ kàn wọ́n rárá. Ìdí nìyí tí ẹ fi ní láti bi áàpù náà fúnra rẹ̀ pé ibo ló ń fi ẹ̀dà sí, àti pé ọjọ́ wo ló fi síbẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ẹ má sì ka fóònù méjì tó ń bára wọn ṣọ̀kan sí ẹ̀dà. Bí ìwé ìrántí kan náà bá wà lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà, tí ohun tí ẹ ṣe ní ọ̀kan ń hàn ní èkejì, ojú ìwé tí ẹ bá ṣèèṣì pa rẹ́ lórí fóònù yóò pa rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Ẹ̀dà gidi ni èyí tó dúró sí ipò tó wà lọ́jọ́ tí ẹ ṣe é.

Ká mú olùkọ́ kan ní Òṣogbo, tó ń fi Day One kọ ìrántí rẹ̀ lórí fóònù Áńdírọ́ìdì. Ó ti ṣí àkáǹtì, ó sì jẹ́ kí áàpù náà máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kan nínú ọkọ̀, wọ́n jí fóònù náà. Ó ra òmíràn, ó gbé áàpù náà sórí rẹ̀, ó tẹ íméèlì àti páásíwọ́ọ̀dù, wọ́n sì gbà á wọlé. Lẹ́yìn náà ni áàpù béèrè ohun kejì: Encryption Key, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ tó ń tú kóòdù, ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú D1-. Páásíwọ́ọ̀dù ṣí àkáǹtì. Kò lè tú ọ̀rọ̀. Bí olùkọ́ wa bá ti wọ Settings nígbà tí fóònù àkọ́kọ́ ṣì wà, tó da kọ́kọ́rọ́ náà kọ sínú ìwé, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo ìrántí rẹ̀ yóò fi jáde. Bí kò bá kọ ọ́, tí kò sì tọ́jú rẹ̀ sórí iCloud tàbí Google Drive bí áàpù náà ṣe gbà á láàyè, tí kò sì sí ẹ̀rọ mìíràn tó ti wọlé sí, ó parí. Ẹ̀dà náà wà lọ́hùn-ún digbí, kò sì sí ẹni láyé tó lè kà á.

Nítorí èyí ni mo ṣe ń sọ pé kí ẹ máa ṣe ẹ̀dà kejì tí kì í ṣe kóòdù. Nínú Settings, ẹ wá Export. Yóò di gbogbo ìwé yín pọ̀ sínú fáìlì kan, bóyá PDF tí ẹ lè kà lójú ẹsẹ̀, tàbí JSON tí áàpù mìíràn lè gbà wọlé. Ẹ tún nílò rẹ̀ nítorí pé ilé iṣẹ́ máa ń pa ọwọ́ dà: ní 2021 ni Automattic, àwọn tó ni WordPress.com, ra Day One, tòun ti ìwé àwọn èèyàn nínú. Ṣùgbọ́n fáìlì tí Export gbé jáde kò ní kóòdù kankan lára. Ẹni tó bá rí i kà á nìyẹn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tó ti ara wọn mọ́nú ilé ti ń fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀: wọ́n á fi fáìlì náà sílẹ̀ nínú Downloads, tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ara wọn lórí WhatsApp kí ó má bàa sọnù. Ẹ gbé e sórí fíláàṣì kan tí ẹ ó tọ́jú síbi tí ìwé ilẹ̀ àti sátífíkéètì yín wà, kí ẹ sì pa èyí tó wà lórí fóònù rẹ́, títí kan èyí tó kù nínú àpótí ìdọ̀tí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn kò ní fẹ́ ẹ̀dà gbangba rárá, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí ó rántí ohun tí ó ń yàn. Akínpẹ̀lú Ọbíṣẹ̀san, ọmọ Ìbàdàn tó jẹ́ òpó fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kọ ìrántí ojoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ìdajì àkọ́kọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Ìwé náà wà ní ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn onítàn sì ti rí ìgbé ayé ìlú náà kà níbẹ̀: gbèsè, ìjà ilẹ̀, ìṣèlú. Bébà ni; ẹni tó bá mọ̀wé kà lè kà á. Ìwé ìrántí tó wà nínú kóòdù kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tàbí ọmọ ọmọ. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá kú láìfi kọ́kọ́rọ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ìwé náà bá a lọ. Fún àwọn kan, ohun tí wọ́n fẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ lè fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpò ìwé tó lẹ̀ pa, kí ó sì sọ ibi tó wà fún ẹnì kan tó fọkàn tán.

Ẹ̀dà tí ẹ kò tíì dán wò rí, ẹ kò mọ̀ bóyá ó wà. Nítorí náà, ẹ yá fóònù ará ilé tí ẹ gbọ́kàn lé, tàbí kí ẹ lo kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ gbé áàpù náà síbẹ̀, kí ẹ sì gbìyànjú láti rí ojú ìwé tí ẹ kọ lánàá. Bí ó bá jáde, ẹ yọ áàpù náà kúrò lórí ẹ̀rọ yẹn. Bí kò bá jáde, ìgbà tí fóònù yín ṣì wà lọ́wọ́ yín yìí ni kí ẹ wá kọ́kọ́rọ́ náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.