Ṣíṣí Ilé Búrẹ́dì Nìkan Kọ́ Ni Ìròyìn

Ilé búrẹ́dì tuntun kì í ṣe ohun ìyanu n'Ìbàdàn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àtẹ̀jáde táwọn oníbúrẹ́dì ń fi ránṣẹ́ sáwọn oníròyìn kì í fi í kọjá orí tábìlì olóòtú. "Inú wa dùn láti kéde fún gbogbo ará ìlú" ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ta ló bi wọ́n bóyá inú wọn dùn?

Ẹ jẹ́ ká gbà pé obìnrin kan fẹ́ ṣí tirẹ̀ ní Mọ́kọ́lá. Ó ra ààrò tuntun, ó kun ilé, ó pe pásítọ̀ àti lèmọ́mù wá ṣàdúrà. Kò tíì sí ìròyìn níbẹ̀. Àmọ́ bí a bá bi í léèrè ohun tó fi ń ṣe búrẹ́dì, ó ní ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ni ìdá kan nínú mẹ́wàá fúláwà òun, ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ Mọníyà lòun sì ti ń ra ẹ̀gẹ́ náà. Ìròyìn dé! Òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí à ń lò ní Nàìjíríà ti ń wá. Bí dọ́là bá gbówó lórí, búrẹ́dì náà á gbówó lórí. Ẹni tí kò ní í dé Mọ́kọ́lá láé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kan òun.

Ẹ̀gẹ́ ló yẹ kó wà nínú àkọlé, kì í ṣe orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Gbólóhùn àkọ́kọ́ á wá sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀ àti déètì rẹ̀ gan-an, torí "Sátidé yìí" lè ti kọjá kí olóòtú tó kà á. Iye owó búrẹ́dì àti àsìkò títà á tẹ̀ lé e.

Ìpínrọ̀ kẹta ni kí obìnrin náà tó lanu. Bó bá yá sọ̀rọ̀ jù, a ò tíì mọ ẹni tó jẹ́. Bó bá pẹ́ jù, wọ́n á gé e sọnù, torí láti ìsàlẹ̀ ni olóòtú tí àyè kò gbà ti máa ń gé ìròyìn. Kó má sì tún àdírẹ́sì kà, ohun tójú rẹ̀ rí ni kó sọ: "Mo kọ́kọ́ fi ìdá mẹ́ta sí i, búrẹ́dì ò wú, ó le bíi bíríkì. Ìgbà tí mo dín in kù sí ìdá kan, àwọn ọmọ mi ò mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀." Ó bá òótọ́ mu: ẹ̀gẹ́ kò ní èròjà tó ń mú kí ìyẹ̀fun àlìkámà fà, kó sì di afẹ́fẹ́ mú.

Ẹnìkan lè ní kó fi kún un pé búrẹ́dì òun kò ní bùrómétì. Èmi ò ní gbà á nímọ̀ràn. Àjọ NAFDAC ti fòfin dè é tipẹ́, pípa òfin mọ́ kì í sì í ṣe ìròyìn. Nọ́ńbà ẹni tí yóò gbé fóònù ló yẹ kó wà nísàlẹ̀, ẹni tó lè mú akọ̀ròyìn dé oko àwọn àgbẹ̀ Mọníyà tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ẹ̀gẹ́ náà.