Ẹ̀rọ Gbowó, Àkáǹtì Ò Rí i: Bí Báńkì Ṣe Ń Wá Owó Tó Há

Ẹ̀rọ agbowó tí àwọn báńkì gbé sẹ́nu ọ̀nà kò ṣòro lò. Ẹ ó kó owó sí ẹnu rẹ̀, ẹ̀rọ á kà á, á kọ iye tó kà sójú rẹ̀, á sì béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò yẹ kó pẹ́ rárá kí owó tó wọ àkáǹtì. Àmọ́ ọjọ́ ń bẹ tí ẹ̀rọ á gbowó tán tí ojú rẹ̀ á kàn ṣókùnkùn. Kò ní sí rìsíìtì, àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì ò ní dún lórí fóònù, owó ò sì ní jáde padà.

Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀ ni ibi tí owó yẹn wà. Kò tíì dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ báńkì kankan. Inú ẹ̀rọ ló wà, ṣùgbọ́n inú ẹ̀rọ kì í ṣe ojú kan. Bí ẹ̀rọ bá ti ń kà á, yóò kó o sí ibi ìdúródè kan, níbi tí owó náà ti máa wà títí oníbàárà á fi fọwọ́ sí iye rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà àgbà báńkì náà á sì fèsì. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó gba ojú ọ̀nà tóóró kan lọ sínú àwọn àpótí tí wọ́n tì pa. Àpótí mìíràn tún wà lọ́tọ̀, tí ẹ̀rọ ń da owó sí nígbà tí kò bá mọ ibi tó yẹ kó kó o sí. Nínú ibi ìdúródè, ojú ọ̀nà àti àpótí ọ̀tọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ owó tí àwọn èèyàn ń wá ti máa ń há.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí sára ẹnì kan. Ká ní ìyá kan tó ń ta ata lọ́jà Bódìjà n'Ìbàdàn kó 87,000 náírà lọ síbi ẹ̀rọ: ẹgbẹ̀rún kan náírà 74, àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà 26. Ẹ̀rọ kà á, ó kọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta méjì nítorí pé wọ́n ti ya, ó sì dá wọn padà. Ìyá gbà á, ó jù ú sínú báàgì, ó tẹ̀ ẹ́ pé òun fara mọ́ iye tó kù. Ìgbà náà ni ẹ̀rọ dákẹ́. Ìyá dúró títí, kò rí nǹkan kan, ó wọlé lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ pé ẹ̀rọ gbé 87,000 òun mì.

Báńkì kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu dájọ́, ìbáà jẹ́ ti oníbàárà tàbí ti òṣìṣẹ́. Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ bá ṣe ló ń kọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú aago. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ yàtọ̀ láti ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ, àmọ́ ti ìyá yìí lè rí báyìí:

```
14:07:32 ESCROW 1000x74 500x24
14:07:51 CONFIRM
14:07:53 REQUEST SENT
14:08:23 HOST TIMEOUT
14:08:25 RETURN NOTES
14:08:31 JAM
```

Ìlà àkọ́kọ́ sọ pé owó ti wà níbi ìdúródè: ẹgbẹ̀rún kan 74, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta 24, ìyẹn 86,000 náírà. Ìyá tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ sì ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà àgbà pé kó fi owó náà sí àkáǹtì. Ó dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, èsì ò dé, bóyá nẹ́tíwọ̀kì ló já. Nígbà tí kò rí èsì, ó fẹ́ dá owó padà fún ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n owó há sójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ka ìlà mẹ́fà yìí ti mọ̀ pé owó kò wọ àpótí, kò sì jáde síta.

Àkọsílẹ̀ yìí nìkan kò tó fún báńkì láti sanwó. Wọ́n gbọ́dọ̀ rí owó náà gan-an. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á ṣí ẹ̀rọ, wọ́n á ka gbogbo owó inú rẹ̀, wọ́n á sì fi wé iye tí kọ̀ǹpútà báńkì ti fi sí àkáǹtì àwọn èèyàn láti ìgbà tí wọ́n ti kó o gbẹ̀yìn. Ká ní iye tí kọ̀ǹpútà gbé jáde jẹ́ 4,312,000 náírà. Bí owó tí wọ́n bá nínú ẹ̀rọ bá jẹ́ 4,398,000, 86,000 ló lé, kò sì sí ẹni tí àkáǹtì rẹ̀ gbà á. Owó ìyá aláta nìyẹn.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí nìyí, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ìyà jẹ ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí ẹni tó ṣí ẹ̀rọ bá ka àwọn àpótí nìkan, 4,312,000 géérégé ló máa bá. Yóò kọ ọ́ pé kò sí owó tó lé, wọ́n á sì ní ìyá ò ní ẹ̀tọ́ sí nǹkan kan. Kì í ṣe pé òṣìṣẹ́ náà purọ́. Ibi tí owó wà ni kò wò. Ó dìgbà tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ bá tú ojú ọ̀nà náà kó tó rí owó tó rún jọ síbẹ̀. Nígbà míì, bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ tí wọ́n sì tún un tàn, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á gbá ohun tó há sínú àpótí ọ̀tọ̀ yẹn, láìfi kún iye tó ń kà. Àpótí yìí ni àwọn tó ń kánjú máa ń gbàgbé. Ohun kejì tó ń da nǹkan rú ni ọjọ́. Bí owó bá há lọ́jọ́ Ẹtì, tó sì jẹ́ ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e ni wọ́n rí i, ìṣirò ọjọ́rú ló máa lé, kì í ṣe ti ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá wo ìṣirò ọjọ́ Ẹtì nìkan kò ní rí nǹkan kan.

Ẹ wo ohun kan sí i: 86,000 ni báńkì máa san fún ìyá, kì í ṣe 87,000 tó sọ. Ẹgbẹ̀rún kan yòókù wà nínú báàgì rẹ̀. Ó lè fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ àti owó tí wọ́n kà bára mu, kò sì sí ibi tí wọ́n á ti rí ẹgbẹ̀rún kan náà. Ìdí nìyẹn tó fi dáa kéèyàn sọ iye tó fi sí i àti iye tó dá padà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí iye tí oníbàárà pè bá yàtọ̀ sí iye tó lé, àwọn tó ń wádìí á máa ṣiyèméjì, ọ̀rọ̀ á sì pẹ́ nílẹ̀.

Ẹjọ́ mìíràn wà tí owó ò lè lé rárá. Bí ẹ̀rọ bá dá owó padà lẹ́yìn tí oníbàárà ti kúrò, tí ẹlòmíì sì kó o, àkọsílẹ̀ á sọ pé wọ́n ti mú owó náà lẹ́nu ẹ̀rọ. Owó báńkì á pé, ó sì di ọ̀rọ̀ kámẹ́rà. Ẹ má ṣe kúrò níwájú ẹ̀rọ nígbà tí ẹnu rẹ̀ bá ṣì ń ṣí tó ń pa.

Bó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ kọ aago sílẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò ohun tó wà lójú ẹ̀rọ àti nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ báńkì lọ́jọ́ náà gan-an. Bí wọ́n bá ní kò sí owó tó lé, ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ wo ni wọ́n kó owó inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe ìṣirò, àti bóyá wọ́n ti tú ojú ọ̀nà àti àpótí ọ̀tọ̀ náà wò. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí ọ̀rọ̀ kò yanjú, ẹ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ka tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, ní cpd@cbn.gov.ng. Ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀sùn náà sí i, pẹ̀lú aago, iye owó, àti èsì tí báńkì fún yín.