Ẹ má pè é ní ayédèrú oògùn

Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2007 wò ó bóyá oògùn tẹnófófíà lè dáàbò bo obìnrin lọ́wọ́ kòkòrò Éèdì. Obìnrin 936 ló kópa ní Dúálà, Tẹ́mà àti Ìbàdàn.

Bí ẹ bá ń ṣàlàyé rẹ̀ fáwọn ará ilé, ẹ má pe hóró tí wọ́n fún ìdajì wọn ní “ayédèrú oògùn”; wọ́n á rò pé jìbìtì ni. Ẹ ní: “hóró tó jọ oògùn, tí kò sí oògùn nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ń ṣe ìfiwéra.”

Ẹni 2 tó lo oògùn kó kòkòrò náà. Nínú àwọn tó lo hóró yòókù, ẹni 6 ni. Ẹ má sọ pé èyí fi hàn pé ó ṣiṣẹ́, tàbí pé kò ṣiṣẹ́. Wọ́n tètè dá a dúró ní Dúálà àti Ìbàdàn, iye náà sì kéré. Ẹ ní: “Ó lè kàn ṣe kòńgẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.”