Èyí Tó Ń Ta àti Èyí Tó Ń Yún: Ọ̀nà Méjì Tí Dáì Ń Gbà Bá Awọ Orí Jà

Nínú oṣù kan náà ni àbúrò mi obìnrin àti bàbá wa fi dáì sí irun, orí àwọn méjèèjì ló sì dá wàhálà sílẹ̀. Àbúrò mi fẹ́ kí irun òun pupa bí oyin de ọjọ́ ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bàbá wa fẹ́ bo ewú wọn kí ayẹyẹ ọgọ́ta ọdún wọn tó pé. Ohun tí gbogbo ilé ń sọ ni pé dáì ti jó wọn lórí, èmi náà sì gbà pé nǹkan kan ṣoṣo ló ṣe wọ́n. Ìgbà tí mo bá bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara ni mo tó mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ti àbúrò mi, ọ̀tọ̀ ni ti bàbá. Kí dókítà tó wo orí rárá, ó ti béèrè pé: “Bàbá, lẹ́yìn tí ẹ fi dáì sí i, ó tó wákàtí mélòó kó tó bẹ̀rẹ̀?”

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ti àbúrò mi. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ló tú irun tó dì, ó fi ooyà ha èérí orí rẹ̀ dáadáa, ó sì tún fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ láàárọ̀ kó tó lọ sọ́dọ̀ onídìrí. Onídìrí po ìyẹ̀fun bílíìṣì mọ́ dẹfẹ́lọ́pà tí wọ́n kọ 40 sí lára, ó fi kun irun láti ìdí, ó da ọ̀rá bò ó, ó sì gbé orí rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ agbẹrun. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi ń ta á. Ó sọ, wọ́n ní kó fara dà á, pé bó bá ti ń ta, ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ó fara dà á fún ogún ìṣẹ́jú sí i. Nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ tán, àárín orí rẹ̀ ti pọ́n, ibi méjì sì ti bó, omi ń ṣe jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iwájú orí, etí àti ọrùn tí oògùn náà kò kàn, nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Èépá bo ojú ibi tó bó, nígbà tó sì fi máa tó ọjọ́ mẹ́wàá, ó ti jinná.

Èyí ni jíjó gidi. Bílíìṣì àti dáì tó ní amóníà máa ń ṣí ara irun sílẹ̀ kí àwọ̀ lè wọlé tàbí kó lè jáde, agbára tó fi ń ṣí irun náà ló fi ń jẹ awọ. Nọ́ńbà tó wà lára dẹfẹ́lọ́pà sì ń sọ bí agbára náà ṣe pọ̀ tó: 20 ní ìdá 6 nínú 100 haidirojíìnì pẹrọ́ṣáìdì, 40 ní ìdá 12, ìyẹn ìlọ́po méjì. Tí ooru ẹ̀rọ bá kún un, iṣẹ́ rẹ̀ á tún yára sí i. Orí ẹnikẹ́ni ni irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí, pàápàá orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ha, tí wọ́n sì fọ ọ̀rá ara rẹ̀ kúrò láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ti bàbá kò rí bẹ́ẹ̀. Dáì dúdú oníyẹ̀fun ni wọ́n lò, èyí tí wọ́n ń fi omi pò nínú abọ́, wọ́n sì ti ń lo irú rẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n kùn ún. Kò ta wọ́n, kò yún wọn, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n jẹun, wọ́n sùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni ẹ̀bátí àti ẹ̀yìn etí bẹ̀rẹ̀ sí í yún wọn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́, ìpéǹpéjú wọn ti wú débi pé ojú kan kò ṣí mọ́, iwájú orí ń ṣomi, ọrùn sì ti le wúrúkú. Awọ àtàrí gan-an tí dáì pọ̀ sí jù lọ kò fi bẹ́ẹ̀ pọ́n. Ìyẹn ló ń rú wa lójú.

Dókítà ní ara wọn ló kọ dáì náà. Ohun tí ara kọ̀ nínú rẹ̀ ni pára-fẹnilíndáyámìn, tí wọ́n sábà máa ń gé kúrú sí PPD lára páálí. Òun ló ń jẹ́ kí dúdú dáì dúdú kí ó sì pẹ́. Kì í jó ẹni tí ara rẹ̀ kò bá tíì dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìgbà kejì tàbí lẹ́yìn ogún ọdún, ara á kà á sí ọ̀tá, kò sì ní gbàgbé mọ́. Nígbà mìíràn tí ẹni náà bá tún lò ó, àwọn ọmọ ogun ara á kóra jọ, ìkórajọ yẹn ló ń gba ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí ìyà ọjọ́ Àìkú fi dé ní ọjọ́ Ajé, tí bàbá sì fi ń bi wá bóyá ẹja tí wọ́n jẹ lọ́sàn-án ló fà á.

Tí a bá gbé méjèèjì ka ìwọ̀n, ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn, nítorí méjèèjì ló lè pọ́n, tí ó sì lè ṣomi. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀: ẹni tí oògùn ń jó á ní “ó ń ta mí,” ẹni tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́ á ní “ó ń yún mi.” Síbẹ̀ mi ò ní fi ìyẹn nìkan dájọ́, torí ibi tó jó náà máa ń yúnni bó bá ń jinná. Àkókò ló jẹ́ ẹlẹ́rìí tó dára jù. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ lórí àga onídìrí, tó sì dúró síbi tí oògùn kàn, jíjó ni. Èyí tó dé lọ́jọ́ kejì, tó sọ̀ kalẹ̀ sí etí, ìpéǹpéjú àti ọrùn, ara ló kọ̀ ọ́.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Gbàrà tó bá ti ń ta kọjá bí oògùn ṣe máa ń tutù lórí, ẹ má ka ìṣẹ́jú mọ́, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò. Omi tó ń ṣàn ni kẹ́ ẹ lò, kó tutù tàbí kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kì í ṣe omi gbígbóná, fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Kí ẹni náà dá orí sẹ́yìn kí omi má bàa gba ojú rẹ̀ kọjá, kí ẹni tó ń fọ̀ ọ́ sì wọ ìbọ̀wọ́. Lẹ́yìn náà ni ṣampú tí kò le. Tó bá ta sí ojú, ẹ fi omi ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ. Mo mọ̀ pé òrí àti àdín ló máa ń yá wa lára láti mú, àwọn mìíràn a sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ọsàn á tún jó o sí i. Òrí àti àdín kì í fọ oògùn kúrò, ṣe ni wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀. Omi ni kó ṣáájú.

Ibi tó bá ti jó, aṣọ mímọ́ tí a fi omi tútù rin ló tọ́ sí i, láìsí ẹ̀rọ agbẹrun, láìsí irun dídì títí yóò fi jinná. Tó bá léròrò, tó bó lọ rẹpẹtẹ, tàbí tó ń tú ọyún, ó ti di ti dókítà. Ti bàbá, nígbà tó fi yọjú, dáì ti kúrò lórí láti ọjọ́ Àìkú. Síbẹ̀ dókítà ní kí wọ́n tún fọ̀ ọ́ kí èyí tó ṣẹ́ kù lè lọ. Ìpara haidirokọ́tísóònù ìdá 1 lè mú ìyún díẹ̀ rọlẹ̀, àmọ́ ẹ má fi sí ìpéǹpéjú láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Torí pé ojú bàbá ti wú, oògùn oníhóró ni dókítà kọ fún wọn, ó sì tó ọ̀sẹ̀ méjì kí awọ ojú wọn tó padà sípò. Tí ètè tàbí ahọ́n bá ń wú, tí èémí ń há, tàbí tí gbogbo ara ń lé bíi ti ewé èsìsì, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni.

Níbi ìdènà ni ọ̀nà ti pín sí méjì pátápátá. Ti àbúrò mi, ọwọ́ onídìrí àti ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló wà. Kí irun ti tó ọjọ́ kan sí méjì tí wọ́n ti fọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn, kí ọ̀rá ara lè ṣe ààbò. Kí ooyà má ha orí, kí ó má sì sí egbò níbẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán wà láàárín rìlásà àti dáì. Kí wọ́n fi faselín yí etí irun ká. Kí wọ́n lo dẹfẹ́lọ́pà 20 dípò 40, kí bílíìṣì má kan awọ, kí ooru má sì sí. Ó ti tún irun náà kùn láti ìgbà yẹn, kò sì ta á.

Ti bàbá kò ní irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí faselín tàbí ìṣẹ́jú díẹ̀ tó lè mú kí ara tó ti kọ PPD tún gbà á. Ìdènà tiwọn ti yẹ kó ṣáájú: kí wọ́n po dáì náà díẹ̀, kí wọ́n fi kan ẹ̀yìn etí tàbí igun apá nínú, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ fún wákàtí 48 bí páálí ṣe sọ. Gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ kùn ni a ń ṣe é, títí kan ẹni tó ti ń lò ó láti ọjọ́ pípẹ́, torí pé ìgbà tó ṣáájú kò lè jẹ́rìí fún tòní. Ẹni tó ti wú rí kò gbọ́dọ̀ dán an wò nílé mọ́. Dókítà awọ ara ni kó ṣe é fún un.

Àwọn kan ní kí bàbá lo lààlì dípò dáì. Lààlì gidi dára, ṣùgbọ́n pupa rúsúrúsú ló ń ṣe, wákàtí mélòó kan ló sì ń gbà. Lààlì tí wọ́n bá ní dúdú ni, tó sì mú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ṣeé ṣe gan-an kí wọ́n ti po PPD mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tí wọ́n ń ya á sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fún ìyàwó, ibẹ̀ ni ara wọn ti kọ́kọ́ ń kọ̀ ọ́, kí wọ́n tó fi dáì sí irun rárá.

Lójú tèmi, èyí tó ń ta ló ń pariwo, àmọ́ èyí tó ń yún ló burú jù. Ẹni tí ó ta lè yí ọ̀nà padà kó sì tún kùn. Ẹni tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ti wú lẹ́yìn dáì dúdú rí, mo bẹ̀ ẹ́, kó kọ PPD sínú ìwé tó ń mú lọ sí ilé ìwòsàn, kó sọ fún onídìrí rẹ̀, kó sì ka ara páálí kó tó ra ohunkóhun. Bàbá wa ti fi ewú wọn sílẹ̀.