Ta Ni Yóò Bá Kọ̀ǹpútà Béèrè Àdírẹ́sì?

Kọ̀ǹpútà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò tíì ní àdírẹ́sì, kò sì mọ ibi tí sáfà DHCP tó ń pín àdírẹ́sì wà. Ohun tó máa ń ṣe ni pé ó ń ké sí gbogbo ẹ̀rọ tó wà láyìíká rẹ̀. DISCOVER ni wọ́n ń pe igbe yẹn. 0.0.0.0 ló máa ń kọ sí àyè olùránṣẹ́, nítorí kò tíì ní nọ́ńbà tirẹ̀, yóò sì kọ 255.255.255.255 sí àyè ẹni tó ń ránṣẹ́ sí, ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀ kó gbọ́.

Igbe náà kì í kọjá ẹ̀ka nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n ti ké e. Súwíṣì ìpele kẹta, èyí tó máa ń gbé iṣẹ́ láti ẹ̀ka kan dé òmíràn, yóò dá a dúró ní ààlà. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí bí kò bá dá a dúró, ariwo ẹ̀ka kan á máa di gbogbo ẹ̀ka yòókù lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ra sáfà kan fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan? Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ súwíṣì di alárinà.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ́fíìsì kan. Àwọn akọ̀wé owó wà ní VLAN 20, àdírẹ́sì wọn sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.20. Sáfà wà ní VLAN 50, 192.168.50.10 ni àdírẹ́sì rẹ̀. Súwíṣì ní ẹsẹ̀ kan nínú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan: 192.168.20.1 lọ́hùn-ún, 192.168.50.1 níhìn-ín. Lórí súwíṣì Sísíkò, ohun tí a máa kọ kò ju èyí lọ:

```
interface Vlan20
 ip address 192.168.20.1 255.255.255.0
 ip helper-address 192.168.50.10
```

Bí igbe bá ti dún ní VLAN 20, súwíṣì á gbà á, á kọ 192.168.20.1 sínú àyè kan tó ń jẹ́ giaddr, á sì fi í ránṣẹ́ tààrà sí sáfà nìkan. Àyè yìí ti wà láti ọdún 1985 nínú BOOTP, ìlànà tí wọ́n gbé DHCP kà. Lójú tèmi, ẹni tó bá ti mọ iṣẹ́ giaddr ti mọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Òun ni sáfà ń wò láti mọ inú àpò àdírẹ́sì tó yẹ kó bù fún oníbèéèrè, nítorí àpò púpọ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà ni sáfà ń dá èsì padà sí, kí súwíṣì tó wá fi lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́.

Bí nǹkan bá bàjẹ́, kọ̀ǹpútà Wíńdóòsì á fún ara rẹ̀ ní àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254. Èyí kò sọ ibi tí àṣìṣe wà, nítorí náà orí sáfà ni kí ẹ ti wo ohun tó ń wọlé. Bí DISCOVER kò bá dé rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti kọ àṣẹ helper sábẹ́ VLAN 50, torí ibẹ̀ ni sáfà wà. Ẹnu ọ̀nà tí igbe ti ń wọlé ló yẹ kó wà. Bí DISCOVER bá dé tí sáfà kò fọhùn, ẹ wò ó bóyá ó ní àpò fún 192.168.20.

Èyí tó máa ń tan ènìyàn jẹ ni kí sáfà fèsì, kí èsì náà má sì dé. Sáfà tí wọn kò sọ ọ̀nà àbájáde fún, aládùúgbò rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Kò mọ bí yóò ṣe dé 192.168.20.1. Bí ẹ bá kàn pe sáfà láti orí súwíṣì, 192.168.50.1 ni súwíṣì máa fi pè é, sáfà á dáhùn, ẹ ó sì rò pé ọ̀nà dára. Báyìí ni kí ẹ ṣe pè é:

```
ping 192.168.50.10 source 192.168.20.1
```

Àṣìṣe kan tún wà tó máa ń pẹ́ kó tó fojú hàn. Àdírẹ́sì tí sáfà yá kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ tó máa parí, ó sì sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ lórí sáfà Wíńdóòsì. Bí ìdajì bá pé, lọ́jọ́ kẹrin, kọ̀ǹpútà á bá sáfà sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ láti tún un yá, kò ní gba ọwọ́ alárinà mọ́. Bí fáyáwọ́ọ̀lù bá gba súwíṣì nìkan láyè, ìbéèrè yẹn kò ní dé. Ó di nǹkan bí ọjọ́ keje kí kọ̀ǹpútà tó tún ké sí gbogbo ènìyàn, kí súwíṣì sì gbé e lọ, kó rí ohun tó ń fẹ́. Akọ̀wé owó kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀, àyàfi bí súwíṣì bá bàjẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Nítorí náà, pọ́ọ̀tù UDP 67 tí ẹ bá ṣí sílẹ̀ dé ọ̀dọ̀ sáfà, ẹ ṣí i fún gbogbo 192.168.20.0/24, kì í ṣe fún 192.168.20.1 nìkan.