Gíráàfù Tó Yẹ fún Ọjà Ẹkùn Mẹ́rin

Ká ní ilé iṣẹ́ kan ń ta bisikíìtì ní Èkó, Ìbàdàn, Kánò àti Ẹnugu, tó sì ní àkọsílẹ̀ ọjà láti ọdún 2018 sí 2023. Bí ìbéèrè bá jẹ́ ẹkùn tó tà jù ní ọdún 2023 nìkan, gíráàfù ọ̀pá ló yẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ bí ọjà ṣe ń lọ sókè sódò lọ́dọọdún, gíráàfù onílà ló dára jù: ìlà kan fún ẹkùn kan, ọdún nísàlẹ̀, iye páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń to ẹkùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin léra lórí ọ̀pá kan. Ìyẹn ń fi àpapọ̀ hàn dáadáa, ṣùgbọ́n ẹkùn ìsàlẹ̀ pátápátá nìkan ló dúró lórí òdo. Àwọn yòókù gun orí ara wọn, ó sì ṣòro fún ojú láti mọ̀ bóyá wọ́n pọ̀ sí i tàbí wọ́n dín kù.

Ìlà náà ní ìṣòro tirẹ̀. Bí Èkó bá kúrò ní páálí 400,000 dé 480,000, tí Ẹnugu sì kúrò ní 20,000 dé 40,000, ìlà Ẹnugu yóò nà gbalaja nísàlẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọjà rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì! Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a fi iye ti ọdún 2018 pín ti ọdún kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi 100 sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀. Èkó á parí sí 120, Ẹnugu á parí sí 200. Nítorí pé ọ̀nà yìí ń bo bí ẹkùn ṣe tóbi tó mọ́lẹ̀, ó yẹ kí iye páálí gan-an wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹkùn kọ̀ọ̀kan.