Ìgbì iná tó ń mú rédíò kùn

Rédíò kan ti ń fi àdápítọ̀ gba iná ìjọba fún ọdún mélòó kan kó tó di pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn hùùù. Atúnrédíòṣe fi mítà wọn iná tó wà lórí kapásítọ̀ inú àdápítọ̀ náà, ó bá fóòtì 11, ó sì ní kò sóhun tó ṣe é. Bẹ́ẹ̀, abẹ́ fóòtì 11 yẹn gan-an ni àìsàn náà sá pamọ́ sí.

Dáódù kan ṣoṣo ló wà nínú irú àdápítọ̀ bẹ́ẹ̀. Iná ìjọba ń lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ti iwájú nìkan sì ni dáódù ń jẹ́ kó kọjá. Kapásítọ̀ ló dà bí àmù tó ń gba iná náà pamọ́. Ìgbà 50 ni wọ́n ń pọnmi kún un ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n rédíò kì í dẹ́kun àtimáa bù mu. Bí omi ṣe ń fà kí wọ́n tó tún pọn òmíràn dé ni à ń pè ní ìgbì iná. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀:

```
V = I ÷ (f × C)
```

V ni ìgbì náà, I ni iye iná tí rédíò ń mu, f ni iye ìgbà tí àmù ń kún, C sì ni bí àmù ṣe tóbi tó.

Tíransífọ́mà fóòtì 9 ló wà nínú àdápítọ̀ yìí. Ní góńgó rẹ̀, iná náà ń tó fóòtì 12.7, dáódù mú 0.7, ó ku 12. Rédíò ń mu áńpù 0.1. Kapásítọ̀ máíkírófáráàdì 2200, ìyẹn fáráàdì 0.0022, ni wọ́n fi sí i. Ẹ pín 0.1 sí ọ̀nà 50 × 0.0022, ìgbì kò ju fóòtì 0.9 lọ. Iná ò wálẹ̀ ju 11.1. 7809 tó ń mú iná dúró sórí fóòtì 9 sì ń fẹ́ bíi 11 kó tó lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ṣùgbọ́n kapásítọ̀ a máa gbẹ bó bá pẹ́ nínú ooru. Ká ní èyí ti gbẹ dé 1000, ìgbì ti di fóòtì 2 nìyẹn. Iná á máa já sí 10 nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 7809 ò ní lè dí àlàfo náà, rédíò á sì máa kùn. Agbedeméjì 12 àti 10 ni mítà ń kà, òun ni 11 tó tan atúnrédíòṣe jẹ.

Kó pa iná, kó so kapásítọ̀ 2200 tó dára, èyí tó lè gba fóòtì 25, mọ́ ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́, rere sí rere, òdì sí òdì. Bí ìkùn náà bá dáwọ́ dúró nígbà tó tan iná padà, ti àtijọ́ ló ti gbẹ.

Ìṣirò yìí a máa fi díẹ̀ lé ìgbì tòótọ́, nítorí pé dáódù ti máa ń ṣí díẹ̀ ṣáájú góńgó. Bó bá jẹ́ dáódù mẹ́rin ni àdápítọ̀ ní, 100 ni f, kì í ṣe 50.